Ti hándù, gbé ojú síwájú: bí a ṣe ń gba kọ́nà òkè lórí alùpùpù

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Boxer 150 ni mo fi ń gbé oògùn láti Adó-Èkìtì lọ sí Iléṣà, òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni mo sì máa ń gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kọ́nà kan tó yí sápá ọ̀tún, mo ń sá bíi 60. Alùpùpù kò yí tó, ó ń gbé mi lọ sójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, táńkà kan sì yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fa hándù ọ̀tún mọ́ra pẹ̀lú gbogbo agbára mi, àfi bíi pé mo ní kó máa lọ sí òsì sí i. Ọlọ́run ló yọ mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ńṣe ló yẹ kí n ti hándù ọ̀tún síwájú. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè máa gba kọ́nà láìjẹ́ pé àyà mi ń já?"

Àbúrò mi, a dúpẹ́ pé ilé lo ti kọ ìwé yìí. Òótọ́ lọ̀rẹ́ rẹ sọ. Bí o bá fẹ́ kí alùpùpù tó ti wà lórí eré yà sí ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ni wàá fi ti hándù síwájú. Bí o bá fẹ́ kó yà sí òsì, ti ọwọ́ òsì síwájú. Fífà tí o fà á mọ́ra lọ́jọ́ náà ló ń gbé ọ sún mọ́ táńkà yẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò dá iṣẹ́ yẹn ṣe: mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé táńkà náà lò ń wò. Ojú ló ń sọ fún ọwọ́ bó ṣe máa tì, ìgbà tó máa tì àti ìgbà tó máa dẹwọ́. Nítorí náà mi ò ní ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, àmọ́ jẹ́ kí n ti ibi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè gba kọ́nà láìfì. Alùpùpù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó lè yí sí ọ̀tún, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fì sí ọ̀tún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára tó ń tì í síta á dà á nù sí òsì. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ wá ni pé kí ló ń mú un fì? Wo ọmọdé tó gbé ọ̀pá gígùn dúró lóòró sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ọ̀pá yẹn dà sí ọ̀tún, òsì ló máa sún ọwọ́ sí. Ìdí ọ̀pá á lọ sí òsì, orí rẹ̀ á sì dà sí ọ̀tún. Lórí alùpùpù, táyà méjèèjì ni ìdí ọ̀pá, ìwọ àti ẹ́ńjìnnì àti ẹrù ni orí rẹ̀. Bí o bá ti hándù ọ̀tún síwájú, táyà iwájú á kọjú sí òsì díẹ̀, á sáré jáde lábẹ́ rẹ lọ sí òsì, gbogbo ohun tó wà lókè á sì fì sí ọ̀tún.

Bó bá ti fì tán, táyà iwájú fúnra rẹ̀ á yí padà, á kọjú sínú kọ́nà. Bí wọ́n ṣe ṣe iwájú alùpùpù ló fà á. Fọ́ọ̀kì iwájú kò dúró lóòró, ó nà síwájú, tí o bá sì fojú inú fa ìlà láti ọrùn hándù títí dé ilẹ̀, wàá rí i pé iwájú ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni ìlà yẹn máa balẹ̀ sí. Nítorí èyí, ibi tí alùpùpù bá fì sí ni táyà iwájú máa ń yà sí. Ìgbà tó bá ti yà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ títì rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wàá dẹwọ́ kí o sì jẹ́ kó máa lọ. Gbogbo èyí kì í gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan, bí táyà ṣe kọ́kọ́ lọ sí òdìkejì sì kéré débi pé ojú kì í rí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe é láìmọ̀. Wilbur Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kọ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, kẹ̀kẹ́ ni òun àti àbúrò rẹ̀ ń ṣe tí wọ́n sì ń tà tẹ́lẹ̀. Ó bi ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ léèrè bí wọ́n ṣe ń yà sí òsì, ó sì ní òun kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ. O ti fì sí ọ̀tún díẹ̀ nínú kọ́nà yẹn. Ìgbà tí ẹ̀rù bà ọ́, o fa hándù ọ̀tún mọ́ra, táyà iwájú kọjú sí ọ̀tún ju bó ṣe yẹ lọ, ó sáré wọ abẹ́ rẹ, alùpùpù sì dìde nàró. Alùpùpù tó bá dìde nàró láàárín kọ́nà, tààrà ló ń lọ. Tààrà nínú kọ́nà ọ̀tún lórílẹ̀-èdè tá a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ojú ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀ ni. Bó bá jẹ́ kọ́nà òsì ni, inú gọ́tà tàbí inú igbó ọwọ́ ọ̀tún lò bá bọ́ sí.

O lè bi mí pé ibo ni àṣà fífà yẹn ti wá. Ibi tí gbogbo wa ti kọ́ alùpùpù ni: inú ọgbà ilé tàbí pápá ilé ìwé, ní eré tó lọ sílẹ̀ gan-an. Ní eré bẹ́ẹ̀, tí kò ju kìlómítà 15 sí 20 ní wákàtí, ibi tí o bá yí hándù sí náà lo máa lọ lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ rántí ohun tó kọ́kọ́ kọ́, tí ìpayà bá sì dé, ohun yẹn ló máa sáré padà sí. Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Gúúsù Kalifọ́níà tọ 900 ìjàǹbá alùpùpù dé ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 1981. Wọ́n rí i pé àwọn tí ìjàǹbá dé bá máa ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn jù títí táyà fi máa há, wọn kì í lo ti iwájú tó, àti pé títì hándù láti yẹ̀ fún ohun tó wà níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Àwọn yẹn náà ti ń ti hándù lójoojúmọ́ láìmọ̀, bí ìwọ náà ṣe ń ṣe. Ohun téèyàn kò mọ̀ pé òun ń ṣe ni kì í rí lò nígbà tó bá nílò rẹ̀ kíákíá.

Nítorí náà, fi ọwọ́ ara rẹ mọ̀ ọ́n. Wá ojú ọ̀nà ọ̀dà tó tẹ́jú, tó fẹ̀, tí ọkọ̀ kì í gbà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Dé akoto, wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Máa lọ ní tààrà ní 40, jíà kẹta, kí o sì gbójú sókè wo ọ̀ọ́kán. Ṣí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ, tú gbogbo ìka kúrò lára hándù, kí ìdí àtẹ́lẹwọ́ nìkan kàn án. Ti hándù òsì náà síwájú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ti ilẹ̀kùn tí kò tì. Wàá rí i pé alùpùpù yà sí òsì. Níwọ̀n ìgbà tí ìka rẹ kò di nǹkan kan mú, o mọ̀ dájú pé o kò fa ohunkóhun. Tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wá fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti tọ̀tún láti mú un padà. Ṣe bẹ́ẹ̀ títí alùpùpù á fi máa lọ sósì, sọ́tún lábẹ́ rẹ bí o ṣe fẹ́. Èmi kì í jẹ́ kí ẹni tí mò ń kọ́ kúrò níbi ìdánrawò yìí títí á fi lè dárúkọ ọwọ́ tó fẹ́ tì kó tó tì í.

Ohun méjì lo máa kíyè sí níbẹ̀. Bí o bá ṣe tì í le tó ni yóò ṣe yára fì tó. Bí o bá ṣe tì í pẹ́ tó ni yóò ṣe fì jinlẹ̀ tó. Nínú kọ́nà gígùn tó rọra yí, títì rírọ̀ tó pẹ́ díẹ̀ ló bá a mu. Bí ewúrẹ́ bá já lu ọ̀nà, títì líle kúkúrú lápá kan, lẹ́yìn náà lápá kejì, ló máa gbé ọ kọjá lára rẹ̀.

Ìjókòó náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Hándù Boxer ga, ó sì fẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó ṣánṣán tí apá rẹ̀ méjèèjì gan, ìsàlẹ̀ ló máa ń tẹ hándù sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iwájú ni títì ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí, fi orúnkún méjèèjì há táńkì epo mọ́ra, jẹ́ kí ìgúnpá rẹ ká kó sì sọ̀ kalẹ̀, títí apá rẹ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ọwọ́ ọ̀tún ní ìṣòro tirẹ̀ torí òun náà ló di iná mú. Bí o bá fi ìka àti ọrùn ọwọ́ tì, iná á yí, eré á sì pọ̀ sí i láàárín kọ́nà láìjẹ́ pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wà nísàlẹ̀, kí títì ti ìdí àtẹ́lẹwọ́ wá.

Ìṣòro kan tún wà tí mo máa ń rí lára àwọn tó sọ pé àwọn ti ń ti hándù àmọ́ kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kejì wọn ló ń bá ti àkọ́kọ́ jà. Ọwọ́ ọ̀tún ń tì, ọwọ́ òsì ti gan lórí hándù, òun náà ń tì, ìkan ń pa iṣẹ́ èkejì rẹ́. Alùpùpù á wá dà bí ohun tó wúwo, tó ń kọ̀ láti fì. Bí o bá ti rò pé ó wúwo báyìí, ju ìka ọwọ́ ìta kọ́nà bí ẹni ń ta dùùrù. Ọwọ́ tí ìka rẹ̀ bá lè mì kò tíì gan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ojú. Bó o bá ń bọ̀ nínú kọ́nà, etí ọ̀nà ọ̀tún àti etí ọ̀nà òsì máa ń dà bí ohun tó pàdé níbì kan níwájú, níbi tí igbó tàbí ara òkè ti bo ìyókù. Àwọn ọlọ́pàá alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ibi ìpàdé yìí kọ́ jù, mi ò sì mọ ohun mìíràn tó wúlò tó o fún ẹni tó ń gba ọ̀nà òkè. Ibẹ̀ ni kí ojú rẹ máa gbé. Máa wò ó bó ṣe ń ṣe sí ọ. Bí o ṣe ń sún mọ́ kọ́nà, tí ibi ìpàdé yẹn bá dúró gbọn-in tí o kàn ń bá a, tàbí tó ń bọ̀ wá bá ọ, kọ́nà náà há ju eré rẹ lọ. Dín eré kù. Bí àyè tó wà láàárín yín bá dúró bákan náà, tí ó ń lọ níwọ̀n bí ìwọ náà ṣe ń lọ, eré rẹ bá kọ́nà mu. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí sá fún ọ, ọ̀nà ti ń ṣí, o lè rọra máa fi iná sí i. Kò sí pátákó lẹ́bàá ọ̀nà wa tó lè sọ èyí fún ọ ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ibi ìpàdé yẹn sì ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà.

Òun náà ló máa sọ bí eré rẹ ṣe gbọ́dọ̀ mọ. O gbọ́dọ̀ lè dúró láàárín ibi tí o rí pé ó mọ́, lójú ọ̀nà tìrẹ. Ní 60, ìṣẹ́jú àáyá kan péré tí o fi mọ̀ pé nǹkan wà níwájú ti gbé ọ lọ bíi mítà 17. Fi bíi mítà 25 tí bíréèkì máa gbà lórí ọ̀dà gbígbẹ kún un, ó ti lé ní 40. Ní 40 kìlómítà ní wákàtí, gbogbo rẹ̀ kò ju bíi mítà 23 lọ. Bí ara òkè bá wá bo kọ́nà tó fi jẹ́ pé mítà 30 péré lò ń rí, 60 kò bá ibẹ̀ mu, kódà kó jẹ́ pé alùpùpù lè fì tó o. Igi tó ṣubú, akẹ́rù tó bàjẹ́ tí wọ́n já ewé sí lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí ojú kò tó.

Fífì náà ní ìwọ̀n, eré ló sì ń pinnu rẹ̀. Ká mú kọ́nà kan tó jẹ́ pé tí a bá fa òbìrípo rẹ̀ pé, láti àárín dé etí rẹ̀ jẹ́ mítà 50. Ní 40, alùpùpù máa fì bíi dìgírì 14 kúrò ní òòró, ohun tí ọmọ ọ̀kadà èyíkéyìí ń ṣe láìrònú. Ní 60, ó ti di bíi 30, ibẹ̀ sì ni ara ti máa ń sọ fún ẹni tí kò mọ́ lára pé òun fẹ́ ṣubú. Ní 80, ó di 45, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fì Boxer tó ru ẹrù débẹ̀ lójú ọ̀nà tí eruku wà. Kìlómítà 20 tí a fi kún un lẹ́ẹ̀mejì ló yí gbogbo nǹkan padà, torí tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tì ọ́ síta á di ìlọ́po mẹ́rin.

Bí a ṣe ń wò ó ṣe pàtàkì bí ohun tí à ń wò. Yí orí, kì í ṣe ẹyinjú nìkan. Jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ kọjú sí èjìká apá ibi tí kọ́nà ń lọ, kí ojú rẹ méjèèjì sì wà ní dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ bí alùpùpù tilẹ̀ fì. Ẹni tó bá ń wo mítà márùn-ún iwájú táyà rẹ̀, ilẹ̀ á máa sáré kọjá lójú rẹ̀, 40 á jọ 70 lójú rẹ̀, yóò sì máa tún ọwọ́ ṣe ní gbogbo ìgbà: á tì díẹ̀, á dẹwọ́, á tún tì. Kọ́nà kan á wá di kọ́nà kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí lo lè fi dá ara rẹ mọ̀. Bí o bá tì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú kọ́nà kan ṣoṣo tí kò yí ìrísí padà, ojú rẹ ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Gbé e sókè, wàá rí i pé ọwọ́ fúnra rẹ̀ á farabalẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kòtò ńkọ́?" Òótọ́ ni, ọ̀nà wa kì í ṣe èyí téèyàn lè gbójú kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Wo ilẹ̀ kí o tó dé ibẹ̀. Ìgbà tó ṣì wà ní mítà 30 síwájú ni kí o rí kòtò, kí o yan ojú ilẹ̀ dídára tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì gbójú padà sí ibi ìpàdé. Má ṣe tẹjú mọ́ kòtò náà, torí ohun tí a bá tẹjú mọ́ la máa ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni táńkà tìrẹ. Nígbà tí ọ̀nà bá há, àyè tó wà láàárín táńkà àti etí ọ̀nà ni kí ojú rẹ wọ inú rẹ̀. Ó le, torí ẹ̀dá máa ń fẹ́ wo ohun tó lè pa á. Ohun tó máa ń ran àwọn tí mo kọ́ lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n yí àgbọ̀n. Èèyàn lè má rí ojú rẹ̀ pàṣẹ fún, ṣùgbọ́n bí àgbọ̀n bá ti yí, ojú á tẹ̀ lé e.

Wàyí o, jẹ́ ká gba kọ́nà ọ̀tún tìrẹ yẹn pọ̀. Òkè lò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ara òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, ó bo iwájú. Má ṣe sọ jíà sí fírí nítorí pé o fẹ́ ṣọ́ epo jẹ, bí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣe ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jíà ń bá ọ dá alùpùpù dúró, èyí tó wà ní fírí ti fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún bíréèkì. Kí o tó dé kọ́nà, nígbà tí alùpùpù ṣì wà lóòró, sún sí apá òsì ojú ọ̀nà tìrẹ kí o lè rí ìsàlẹ̀ kọ́nà, àmọ́ fi ó kéré tán mítà kan sílẹ̀ sí ìlà àárín, torí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gòkè máa ń gé kọ́nà wọ ọ̀dọ̀ wa. Lo bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀, fún iwájú díẹ̀díẹ̀, kó o sì já a sí jíà kẹta. Jẹ́ kí eré ti wálẹ̀ sí 40 kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Lẹ́yìn náà, ní sùúrù. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á rí i pé ọ̀nà ń yí sí ọ̀tún, wọ́n á sì yà kíá. Ẹni tó bá tètè yà á dé etí inú kọ́nà nígbà tí kọ́nà kò tíì dé ìdajì, ibi tó kù fún un láti lọ ni ìta, ìta yẹn sì ni ìlà àárín. Ó dá mi lójú pé ọ̀kan nínú ohun tó gbé ọ jáde lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Dúró ní òsì, yí àgbọ̀n sí ọ̀tún, máa wo ibi ìpàdé. Ìgbà tí o bá rí bí kọ́nà ṣe máa parí, tí ibi ìpàdé sì ti ń lọ pẹ̀lú rẹ, ti ọwọ́ ọ̀tún síwájú lẹ́ẹ̀kan, kó ṣe gúnmọ́. Alùpùpù á fì. Dẹwọ́. Jẹ́ kí iná wà níbi tó máa mú eré dúró bákan náà, kí o má pa á, kí o má sì fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀nà bá ti ń ṣí, fi iná kún un díẹ̀díẹ̀, alùpùpù á máa fẹ́ dìde. Bí kò bá tètè dìde, ti ọwọ́ òsì díẹ̀. O ti jáde.

Fún kọ́nà òsì, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, àfi pé apá ọ̀tún ojú ọ̀nà lo máa dúró sí kí o lè ríran. Má sún dé ibi tí ọ̀dà ti jẹ, nítorí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí òjò ń wọ́ wá máa ń kó jọ sétí ibẹ̀. Máa kíyè sí orí rẹ pẹ̀lú: bí alùpùpù bá fì sí òsì ní kọ́nà tí o kò ríran kọjá, orí àti èjìká lè ti wà lókè ìlà àárín nígbà tí táyà ṣì wà lọ́dọ̀ tìrẹ.

Bí o bá ti wọ kọ́nà tán kí o tó mọ̀ pé eré pọ̀ jù, má ṣe gbá bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, má sì pa iná lójijì. Táyà ẹ̀yìn tó bá há nígbà tí alùpùpù fì á yọ̀ jáde. Gbójú sí iwájú jìnnà sí i, kí o sì ti hándù inú kọ́nà sí i. Ní 60 ní kọ́nà tí mo ṣírò rẹ̀ lókè yẹn, táyà tó dára lórí ọ̀dà tó gbẹ tó sì mọ́ ṣì ní àyè sílẹ̀. Ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ló máa ń kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó bọ́ sí igbó kò tíì lo gbogbo ohun tí táyà wọn lè ṣe. Bí àyè tààrà bá wà níwájú rẹ tí kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, o tún lè kọ́kọ́ ti hándù ìta kó dìde nàró, kí o wá fi bíréèkì méjèèjì dúró. Ohun méjèèjì yìí kì í lọ pọ̀ o: tàbí kí o fì, tàbí kí o tẹ bíréèkì líle.

Títì hándù kò sì lè fi kún bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú. Lórí iyanrìn, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò pa, lórí epo dísẹ̀lì tó kán sílẹ̀ lára ọkọ̀ akẹ́rù, táyà iwájú tí o tì lójijì á yọ̀ kó tó fì. Níbẹ̀, eré gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ gan-an ṣáájú, kí títì rọ̀, kí fífì kéré. Bí o bá ti wà lórí iyanrìn tán, dẹ ọwọ́, má fọwọ́ kan bíréèkì, jẹ́ kí alùpùpù wà lóòró bó ṣe lè ṣe é tó títí yóò fi kọjá.

Kí o tó padà sórí òkè, yẹ alùpùpù náà wò. Gbé e sórí ìdúró àárín, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí o wá fi ìka kan yí hándù lọ, bọ̀. Bó bá ń há díẹ̀ ní àárín gbùngbùn bíi pé ó bọ́ sínú ihò kékeré, àwọn bọ́ọ̀lù inú ọrùn hándù ti jẹ, alùpùpù kò sì ní gba títì rẹ bó ṣe yẹ. Á kọ́kọ́ lọ́ra, á wá fì lójijì. Táyà tí àárín rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ nítorí tààrà tó ń sá lójoojúmọ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pààrọ̀ èyíkéyìí nínú wọn kí o tó fi kọ́ ọwọ́ rẹ.

Ní ti ẹrù oògùn, dè é sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ, kó sì wà nísàlẹ̀ bó ṣe lè ṣe é tó. Páálí tó ga lẹ́yìn lọ́hùn-ún ń dín ìwúwo tó wà lórí táyà iwájú kù, ó sì ń mú kí fífì lọ́ra, wàá wá nílò títì tó le sí i tó sì tètè bẹ̀rẹ̀. Gba kọ́nà yẹn láìru ẹrù ní àkọ́kọ́, ní àárọ̀ tí ojú ọ̀nà bá gbẹ, lọ àti bọ̀, kí o tó wá di ẹrù lé e.